Ó Ti Kó Kúrò Nílùú, Jíìmù Ṣì Ń Yọ Owó: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan

Obìnrin kan forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì ló ti fi ìka fọwọ́ sí i, níbi tábìlì ìgbàlejò, bí àwọn mìíràn ṣe tò sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà lójú ìwé kìíní kò pọ̀: orúkọ rẹ̀, iye owó oṣooṣù, ọjọ́ tí wọn yóò máa yọ ọ́, oṣù 12 tí àdéhùn yóò fi wà, àti àwọn ohun tí owó náà kájú rẹ̀, ìyẹn yàrá irin gbígbé, kíláàsì eré ìmárale àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan wà tó sọ pé ó ti ka òfin ẹgbẹ́, ó sì fara mọ́ ọn. Òfin ẹgbẹ́ yìí gba ojú ìwé 11. Kò sí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn rárá. Líǹkì rẹ̀ ni wọ́n fi sínú ímeèlì tó wọlé fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọdún kìíní lọ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún kejì, àdéhùn náà tún ara rẹ̀ ṣe fún oṣù 12 mìíràn, nítorí kò sí ẹni tó kọ̀wé pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti parí ọdún kan ti dòmìnira, ó lè lọ nígbà tó bá wù ú.

Ní oṣù Kẹfà, iṣẹ́ tuntun gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà ó lọ sí jíìmù, ó ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó wà níbi tábìlì ìgbàlejò, ó sì dá káàdì ìwọlé rẹ̀ padà. Ọmọkùnrin náà gba káàdì, ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó ní: "Ẹ má ṣèyọnu mọ́ mà, ó ti parí nìyẹn." Kò fún un ní ìwé kankan, obìnrin náà ò sì béèrè.

Ohun tó kọ́kọ́ gbìyànjú, àti ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́

Wọ́n yọ owó oṣù Keje. Wọ́n yọ ti oṣù Kẹjọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé ní ìnáwó tó pọ̀, kò sì rí méjèèjì. Ti oṣù Kẹsàn-án ló hàn sí i, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Wọ́n ti fi owó ìtọ́jú ilé tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kún un. Owó ìtọ́jú yìí kò sí lára iye tó wà lójú ìwé kìíní. Inú òfin ẹgbẹ́ ló wà, lójú ìwé kẹrin.

Ó pe ẹ̀ka tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó kọ ímeèlì. Ó kọ ọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ìlà méjì péré: pé òun ti kó lọ, pé kí wọ́n má yọ owó òun mọ́. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ló ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe. Ó sọ fún báǹkì pé káàdì òun sọnù, wọ́n sì fún un ní tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Ó rò pé nọ́ńbà àtijọ́ tí jíìmù ní lọ́wọ́ yóò kú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, owó tún jáde láti ara káàdì tuntun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹnìkan jí nọ́ńbà náà. Olè kọ́. Àwọn iléeṣẹ́ káàdì ńlá ní ètò kan tó ń fi nọ́ńbà káàdì tuntun ránṣẹ́ sí oníṣòwò tí oníbàárà ti fún ní àṣẹ láti máa yọ owó déédéé, kí ìsanwó má baà dúró nígbà tí káàdì bá parí tàbí tó bá sọnù. Àṣẹ ló ń yọ owó, nọ́ńbà kàn ń ru ú ni. Ẹni tó pààrọ̀ káàdì láì fagi lé àṣẹ ò tíì dá owó dúró.

Níparí oṣù Kẹwàá, ó padà sí báǹkì, ó ní kí wọ́n dènà ìsanwó sí jíìmù náà pátápátá. Wọ́n dènà rẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, jíìmù gbìyànjú láti yọ owó, kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ 24, lẹ́tà wọlé láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń bá ènìyàn sin gbèsè. Wọ́n ní ó jẹ owó oṣù mẹ́rin, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, pẹ̀lú owó ìtanràn, àti pé wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ajigbèsè bí kò bá san án láàárín ọjọ́ 14.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Títí di ìgbà náà, òun ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí báǹkì dènà ìsanwó, ó di ẹni tó jẹ gbèsè, níbi tí ìwé àdéhùn bá dé. Báǹkì lè dá owó dúró, àmọ́ kò lè já àdéhùn tí òun kò bá wọn ṣe. Abala kan sì wà nínú òfin ẹgbẹ́ tó sọ pé bí ìsanwó oṣù kan bá kùnà, gbogbo owó tó kù títí dé òpin àdéhùn yóò di sísan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí gbèsè oṣù kan fi di ti oṣù mẹ́rin. A kò sọ pé dídènà owó burú. Lẹ́tà tó ń fòpin sí àdéhùn ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí abala náà fara pamọ́ sí

Nígbà tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sọ́dọ̀ àwa tí à ń gba oníbàárà nímọ̀ràn, ohun àkọ́kọ́ tí a wá ni òfin ẹgbẹ́ tó wà lójú iṣẹ́ ní ọjọ́ tó fọwọ́ sí i. Èyí ṣe pàtàkì. Líǹkì inú ímeèlì rẹ̀ ṣì ṣí, àmọ́ ohun tó gbé jáde ni ẹ̀dà tuntun, tí ọjọ́ oṣù Kẹjọ wà lórí rẹ̀. Nínú ẹ̀dà tuntun yẹn, ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá kó lọ ti dínkù sí ìlà kan. A ní kí jíìmù fi ẹ̀dà tí obìnrin náà fọwọ́ sí ránṣẹ́, pẹ̀lú ojú ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àtijáde nínú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò lọ tààrà sí abala tí wọ́n pè ní "Ìfòpinsí". A lọ síbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ lè jáwọ́ ní òpin oṣù 12 bí ó bá kọ̀wé ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, àti pé àìsàn tí dókítà jẹ́rìí sí lè tú u sílẹ̀ ṣáájú àkókò. Wọn ò mẹ́nu kan kíkó lọ rárá. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò gbà pé kò sí ọ̀nà.

Ojú ìwé kẹsàn-án ló wà, lábẹ́ àkòrí tó sọ nípa gbígbé ìforúkọsílẹ̀ láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. Ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè máa lo ẹ̀ka mìíràn láìsan owó kún owó. Ìpínrọ̀ kẹta ló ní ohun tí a ń wá: bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kó lọ pátápátá sí ibi tó jìn ju kìlómítà 40 lọ sí ẹ̀ka èyíkéyìí, tàbí sí jíìmù alájọṣe èyíkéyìí tó ní irú ohun èlò tó wà nínú àdéhùn rẹ̀, ó lè fòpin sí i. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́, nípasẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń fọwọ́ gbà, kí ó sì fi ẹ̀rí àdírẹ́sì tuntun tí kò pé ọgọ́ta ọjọ́ kún un. Ọgbọ̀n ọjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà bá dé ọwọ́ wọn. Lójú ìwé kejì, gbólóhùn kan tún sọ pé òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kò ní àṣẹ láti yí àdéhùn padà.

Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe bọ́ síra. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọkùnrin yẹn kò fòpin sí nǹkan kan. Ímeèlì sí ẹ̀ka kò fòpin sí nǹkan kan, nítorí kò lọ sí olú iléeṣẹ́, kò sì ní ẹ̀rí. Obìnrin yìí ti sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹni tí kò ní agbára láti gbọ́ ọ. Inú bí wa nígbà tí a kà á, nítorí àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ pé tábìlì ìgbàlejò ni gbogbo ènìyàn máa ń lọ.

Ṣé òfin ìlú ò ní dáàbò bò ó? Ibi tí ènìyàn wà ló máa sọ. Ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì, òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá kó lọ sí ibi tó jìn ju máìlì 25 lọ, bíi kìlómítà 40, sí ẹ̀ka èyíkéyìí tí jíìmù rẹ̀ ní, lè fagi lé àdéhùn. Ní Jẹ́mánì ẹ̀wẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fún ẹjọ́ aráàlú dájọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2016 lórí ọkùnrin kan tó di ológun tó sì kó kúrò ní Hánófà. Wọ́n ní kíkó lọ fúnra rẹ̀ kò tó ìdí láti já àdéhùn jíìmù ṣáájú àkókò, nítorí ìpinnu nípa ibi tí ènìyàn yóò gbé wà lọ́wọ́ ẹni náà, kò sí lọ́wọ́ jíìmù. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìdáhùn méjì. Ní ibi tí obìnrin yìí ń gbé, òfin ò sọ nǹkan kan pàtó nípa kíkó lọ, ìpínrọ̀ kẹta yẹn nìkan ló kù fún un.

Lẹ́tà àti èsì rẹ̀

Lẹ́tà tí a bá a kọ kò gùn. A kọ̀ láti sọ ìtàn, a kọ̀ láti ṣàròyé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Mo ń fòpin sí àdéhùn mi, nọ́ńbà báyìí, lábẹ́ ìpínrọ̀ kẹta ojú ìwé kẹsàn-án òfin ẹgbẹ́ tí mo fọwọ́ sí. Àdírẹ́sì tuntun mi nìyí. Ẹ̀ka yín tó sún mọ́ ọn jù jìnnà tó kìlómítà 62. Ẹ̀rí méjì wà nínú àpòòwé yìí. Mo fagi lé àṣẹ tí mo fún yín láti máa yọ owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé láti jẹ́rìí sí ọjọ́ tí àdéhùn parí."

Ẹ̀rí àdírẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró. Yàrá ló gbà nínú ilé ẹlòmíràn, bíìlì iná àti ti omi kò sì sí lórúkọ rẹ̀. Ìwé àdéhùn ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje lórí, ó ti kọjá ọgọ́ta ọjọ́. A lo ìwé àkọsílẹ̀ owó báǹkì ti oṣù Kọkànlá tó gbé àdírẹ́sì tuntun, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Ìwé àdéhùn ilé tún wà pẹ̀lú wọn láti fi hàn pé ó kó lọ pátápátá, pé kì í ṣe ìrìn àjò.

Ó fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá. Wọ́n fọwọ́ gbà á ní ọjọ́ 4. Ọgbọ̀n ọjọ́ yóò pé ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní, ọjọ́ méjì ṣáájú ìsanwó tó kàn. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, owó oṣù Kọkànlá àti Kejìlá nìkan ló kù nínú oṣù mẹ́rin tí wọ́n ń bèèrè. Ní ọjọ́ kan náà, ó fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sin gbèsè, ó ní òun kò gbà pé òun jẹ owó náà, àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n má baà kọ orúkọ òun sílẹ̀ bíi gbèsè tí kò ní àríyànjiyàn.

Èsì olú iléeṣẹ́ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní jíìmù alájọṣe kan wà ní kìlómítà 18 sí ilé rẹ̀ tuntun.

Ẹlòmíràn ì bá ti juwọ́ sílẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ọ̀rọ̀ inú ìpínrọ̀ náà: jíìmù alájọṣe "tó ní irú ohun èlò tó wà nínú àdéhùn rẹ̀". Ojú ìwé kìíní, èyí tó kéré tó sì rọrùn yẹn, ló sọ ohun tó wà nínú àdéhùn, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lára rẹ̀. Jíìmù alájọṣe náà jẹ́ yàrá kan lókè ilé ìtajà, irin àti ẹ̀rọ ìsáré ló wà níbẹ̀, kò sí omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ síbẹ̀, ó ya fọ́tò pátákó ìsọfúnni wọn tó to gbogbo ohun èlò wọn lẹ́sẹẹsẹ. Fọ́tò yẹn ló já irọ́ èsì àkọ́kọ́.

Ohun kejì tó yí ọ̀rọ̀ padà ti wà nínú kọ̀ǹpútà jíìmù láti oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, obìnrin náà tún bèèrè, nínú ìwé ọ̀tọ̀, fún gbogbo ìsọfúnni tí wọ́n ní nípa òun. Níbi tí òfin ààbò ìsọfúnni bá wà, bíi ti Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ẹni tí ìsọfúnni kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí lọ́fẹ̀ẹ́, iléeṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín oṣù kan, àyàfi bí ìbéèrè náà bá díjú. Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 29. Àkọsílẹ̀ ẹnu ọ̀nà fi hàn pé ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ló wọlé kẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ 26, ìlà kan wà tí ọmọkùnrin ibi ìgbàlejò tẹ̀: oníbàárà ti kó lọ, ó ti dá káàdì padà, kí ẹ bá a parí rẹ̀.

Ìlà yẹn kò sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ó gba ohun kan lọ́wọ́ wọn: wọn ò lè sọ mọ́ pé oṣù Kejìlá ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Òṣìṣẹ́ wọn kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún oníbàárà pé lẹ́tà ló kù.

Lẹ́tà kejì lọ ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní pẹ̀lú fọ́tò náà àti ìlà náà. Ìdáhùn wọn ní ọjọ́ 19 yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n gbà pé wọ́n ti mọ̀ láti oṣù Kẹfà, àmọ́ wọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọjọ́ ìwé àdéhùn ilé, ni ẹ̀rí kíkó lọ pátápátá kọ́kọ́ wà. Wọ́n ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti ibẹ̀, ó sì dé ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Nípa bẹ́ẹ̀, owó ọjọ́ 5 oṣù Keje àti ti ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ dúró sọ́wọ́ wọn. Wọ́n dá ti oṣù Kẹsàn-án, owó ìtọ́jú ilé àti ti oṣù Kẹwàá padà, wọ́n sì fagi lé gbogbo gbèsè àti ìtanràn. Obìnrin náà fẹ́ kí wọ́n dá ti oṣù Kẹjọ náà padà. A gbà á nímọ̀ràn pé kó gba èyí tí wọ́n fún un. Kò tíì ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 11, ìṣirò wọn sì bá ìwé mu.

Fún ẹni tó bá ń bá oníbàárà ṣe irú èyí

Ẹ má jẹ́ kí àkòrí darí yín. Ẹ ka òfin ẹgbẹ́ láti orí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ bíi àdírẹ́sì, ìlú, ìjìnnà àti kìlómítà níbi gbogbo, pàápàá lábẹ́ ohun tó jọ pé kò kàn yín. Ẹ̀dà ọjọ́ ìfọwọ́sí nìkan ni kí ẹ lò.

Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ìsanwó tó kàn. Bí wọ́n bá ń yọ owó ní ọjọ́ 5, tí ìfitónilétí sì jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ láti ìgbà tó bá dé, lẹ́tà tó bá dé ní ọjọ́ 4 oṣù tó ṣáájú, àyàfi oṣù Kejì tó kúrú, yóò gba oníbàárà lọ́wọ́ owó oṣù kan tí èyí tó dé ní ọjọ́ 7 yóò jẹ́ kó san. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń rí, ọjọ́ mẹ́ta péré ló ń ná oníbàárà ní oṣù kan.

Bèèrè àkọsílẹ̀ ìwọlé àti ti ìbánisọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, nítorí àwọn jíìmù kan máa ń nu tirẹ̀ kúrò lẹ́yìn àkókò díẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà ni kí oníbàárà tó lọ sọ fún báǹkì, kó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, kí báǹkì lè rí i pé àṣẹ ti di fífagilé, kì í ṣe pé oníbàárà kàn sá fún owó.

Obìnrin yìí gba ìwé mẹ́ta kẹ́yìn: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ jíìmù tó sọ pé àdéhùn parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin gbèsè tó sọ pé fáìlì náà ti di títì, àti ẹ̀dà àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ tí orúkọ jíìmù ò sí nínú rẹ̀. A ní kó tún yẹ àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ̀ wò ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀, ọjọ́ tí owó ìtọ́jú ilé máa ń jáde, nítorí a ti rí i rí tí wọ́n pa ìsanwó oṣooṣù rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n gbàgbé ti ọdọọdún síbẹ̀.